Gílóòbù mẹ́wàá, mẹ́ta ti jó: ṣé báínómíà ni ìbéèrè yìí?

Bùkọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gílóòbù 10 wà nínú páálí, 3 nínú wọn ti jó. A mú 4 láìwò, a kò dá ìkankan padà. Kí ni ìṣeéṣe pé 2 gan-an ló máa jẹ́ èyí tó jó? Mo fi n = 4 àti p = 0.3 ṣe é:

```
6 × 0.3² × 0.7² = 0.2646
```

Ìwé ní 0.3 ni ìdáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe. Níbo ni mo ti ṣì í?

Túnjí: Ìṣirò rẹ dáa, fọ́múlà ni kò bá a mu. Tó o bá ti mú ọ̀kan tó jó, 2 ló kù nínú 9. p ti yí padà nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n fún ọmọ mi náà ní irú ẹ̀. Wọ́n ní kó máa ju owó ẹyọ títí orí máa fi jáde lẹ́ẹ̀mejì, kó wá ka iye ìgbà tó jù ú. Báínómíà ṣáà ni, àbí?

Tíṣà Àgbà: Túnjí, o sún mọ́ ọn, àmọ́ p kọ́ ló yẹ̀. Tí a kò bá tíì wo gílóòbù àkọ́kọ́, ìṣeéṣe pé èkejì jó ṣì jẹ́ 0.3:

```
(3/10)(2/9) + (7/10)(3/9) = 27/90
```

Ohun tó bàjẹ́ ni pé àkọ́kọ́ ń tú àṣírí èkejì. Tí àkọ́kọ́ bá jó, èkejì di 2/9; tí kò bá jó, ó di 3/9. Nítorí náà, Bùkọ́lá, ka ọ̀nà tí a lè gbà yàn wọ́n:

```
C(3,2) × C(7,2) / C(10,4) = 63/210 = 0.3
```

Wo ohun tó fi fọ́múlà rẹ hàn: bi í léèrè ìṣeéṣe pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jó, á ní 0.0081. Mẹ́ta péré ló sì jó nínú páálí!

Ká ní gílóòbù 1000 ni, tí 300 jó, lẹ́yìn tí ọ̀kan tó jó bá kúrò, ó ku 299/999, bíi 0.2993. Báínómíà á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu níbẹ̀. Bí ohun tí a mú kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, mo máa ń gbà á. Tìrẹ jẹ́ 4 nínú 10.

Ìyá Ìbejì, ti ọmọ yín yàtọ̀. Jíjù kan kò kan èkejì, àmọ́ ẹ kò mọ iye ìgbà tó máa jù ú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ 2, ó lè jẹ́ 20. Ká ní wọ́n sọ pé kó jù ú lẹ́ẹ̀mẹfà, kó ka orí, báínómíà nìyẹn.

Bùkọ́lá: Ẹ ṣeun, sà. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ọmọ 5 ń sùn nínú yàrá kan, ìṣeéṣe pé òtútù mú ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.2. Ìwé ní ká gbà pé ọ̀kan kò kan èkejì.

Túnjí: Bí ìwé bá ti ní ká gbà á, gbà á, kó o gba máàkì rẹ.

Tíṣà Àgbà: Nínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ 0.2⁵ jẹ́ 0.00032 pé gbogbo wọn á kó o. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn sí! Èmi ò lè fọwọ́ sí i.

Túnjí: Ṣùgbọ́n sà, nọ́ńbà wo la máa wá fi rọ́pò rẹ̀? Ìbéèrè yẹn kò fún wa ní òmíràn.