Ṣé kí n fi gbólóhùn yìí sínú ímeèlì tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí báńkì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìlọrin ni mo wà. Mo fi káàdì ra ìrẹsì lọ́jà Ìpàtà, ẹ̀rọ ní owó kò lọ, àmọ́ báńkì ti yọ ₦48,500. Mo pè wọ́n lánàá. Obìnrin tó gbé e sọ orúkọ rẹ̀, ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, ó ní owó á padà kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Irú ìlérí báyìí ti já mi kulẹ̀ rí: nígbà tí mo tún pè, wọ́n ní àwọn ò rí i nínú àkọsílẹ̀.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé: “Mo bá òṣìṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, ní aago 10:20 àárọ̀. Ó ní ₦48,500 mi á padà kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17.” Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀sùn wà nísàlẹ̀. Mo ti yọ gbogbo ìbínú kúrò nínú rẹ̀ (kò rọrùn!). Mo sì ti ya àwòrán ibi tí aago ìpè náà ti hàn lórí fóònù mi.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n fi kún un pé, “Bí ohun tí mo kọ kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fèsì lónìí”, àbí ìyẹn á fún wọn láyè láti yí ọ̀rọ̀ padà? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.