Àgékù tàbí àyọkúrò? Owó oníbàárà tí kò pé

Akọ̀wé Kubwa: Ẹ jọ̀ọ́, mo kọ ínfọ́ìsì 2,000 dọ́là sí oníbàárà mi ní Lọ́ńdọ̀nù, 1,957 ló wọ àkáǹtì mi ní Àbújá. Ó ní òun san án pé. Ṣé mo lè pe 43 tó lọ yẹn ní «àgékù»? Kí ni mo lè ṣe kó má tún ṣẹlẹ̀?

Bàbá Gwarinpa: Àgékù kẹ̀! Ẹ ò rí *kù* tó wà nídìí rẹ̀ ni? Ṣé èyí tó ti wọ ikùn là ń pè ní àjẹkù? 1,957 ni àgékù yín, 43 ni àyọkúrò. Bí ẹ bá kọ̀wé pé kó san àgékù, ó ti san án nìyẹn. Àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ n'Ílọrin ò jẹ́ ṣi irú èyí sọ.

Ọmọ Wúsè: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àmọ́ ta ló yọ ọ́? Ẹ ní kí oníbàárà yín gba ẹ̀dà MT103, ìwé tí báńkì rẹ̀ fi fi owó náà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi ìlà wọ̀nyí hàn wá.

Akọ̀wé Kubwa: Ó ti dé:

```
:32A:250317USD1957,00
:33B:USD2000,00
:71A:BEN
:71F:USD25,00
:71F:USD18,00
```

Ọmọ Wúsè: Oníbàárà yín ò purọ́: 2,000 ló ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Báńkì tirẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ 25, báńkì alágbàtà ní Niú Yọ́ọ̀kì yọ 18. BEN tó yàn ló fà á, ẹni tó ń gba owó ló ru gbogbo rẹ̀. Ká ní SHA ló yàn, á san 25 lọ́tọ̀, 1,982 ì bá sì dé. Ẹ kọ ọ́ sára ínfọ́ìsì pé kó yan OUR.

Ará Kánò: Ẹ má kọ ọ́ o! OUR ni «tiwa». Ẹ̀yin lẹ kọ ínfọ́ìsì, ẹ̀yin náà lẹ máa san án.

Ọmọ Wúsè: Rárá, ẹ̀gbọ́n, ẹnu ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ ni «tiwa» yẹn ti ń jáde.

Màmá Kàdúná: SHA lèmi yàn nígbà tí mo san owó iléèwé ọmọ mi lókè òkun. Owó náà ò pé, wọn ò jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ àfìgbà tí mo fi ìyókù ránṣẹ́. Báńkì sì tún gba owó ìfiránṣẹ́ lórí ìyókù ọ̀hún!

Ọmọ Wúsè: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. OUR náà kì í fìgbà gbogbo ṣọ́ ọ; àwọn báńkì Amẹ́ríkà kan ṣì ń yọ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí Akọ̀wé fi kún un pé 2,000 gbọ́dọ̀ wọlé pé, àti pé ohun tó bá dín, oníbàárà ló máa dí i. Tí báńkì tiyín níbí bá gba owó tirẹ̀, ẹ máa rí i lọ́tọ̀ nínú sítétímẹ́ǹtì. Ẹ má kà á sí oníbàárà lọ́rùn.

Bàbá Gwarinpa: Mo ti gbọ́ ti owó. Ta ló fún yín láṣẹ láti pe báńkì ní alágbàtà? Alágbàtà ń bu owó lé ọjà ni, kì í yọ nínú rẹ̀.

Ará Kánò: Kí la wá fẹ́ pè é, Bàbá? Agbodegbà?

Bàbá Gwarinpa: Agbodegbà olè! Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i.