Òòyì Bàbá wa: dídìde ló ń fà á ni, àbí ilé ló ń yí?

Ọmọ Tákìé
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ta ló ti rí irú èyí rí? Bàbá mi, ẹni ọdún 68, níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ni òòyì ń kọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lóru Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n dìde láti lọ tọ̀, a kàn gbọ́ gbì! Ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ la ti bá wọn nílẹ̀, wọ́n ti fi iwájú orí gbá ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ mọ́, a gbé wọn lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n wọn bípíì wọn, wọ́n ní ó dáa, 138 lórí 84. Wọ́n fún wọn ní oògùn òòyì, wọ́n ń lò ó, àmọ́ a ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ bá wa dá sí i.

Ìyá Rúkà
Ẹ̀jẹ̀ ni ò sí lára wọn. Ẹ gún ewé ugú, ẹ po omi ẹ̀ pọ̀ mọ́ mílíìkì àti tòmátò inú agolo. Ọjọ́ mẹ́ta péré.

Aláàmàlà
Mílíìkì àti tòmátò yìí náà? Wọ́n tún ti dé o 😂

Ìyá Rúkà
Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Òun ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún.

Bọ́sẹ̀ Aláṣọ
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí òòyì yìí ti fojú mi rí nǹkan. Lọ́dún tó kọjá, mo sùn, mo yí sí ọwọ́ òsì kí n na ọwọ́ sí fóònù tó ń dún. Àfi bí ẹni pé wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì náà sórí ọlọ. Àjà ń yí, fáànù ń yí, ògiri ń sáré lé ara wọn, mo di tìmùtìmù mú, mo ń ké pe ọkọ mi pé ilé ti ń wó. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti dáwọ́ dúró. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ní ó ti tán. Ọjọ́ kejì, mo tún yí sí òsì, ó tún dé! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí àga. Mo lo oògùn òòyì fún oṣù méjì, ó kàn ń mú mi sùn ní ṣọ́ọ̀bù ni, oníbàárà á dúró níwájú mi, èmi ń tòògbé. Ẹnì kan ní kí n lọ wádìí ilé ọkọ mi. Mo wádìí o, mo sì san owó ìwádìí náà 😅. Dókítà elétí kan ló wá tú u. Ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó yí orí mi sí òsì díẹ̀, ó dá mi dùbúlẹ̀ lójijì kí orí mi fì sẹ́yìn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹyinjú mi. Òòyì náà dé, mo lọgun. Ó ní, "Mo ti rí i, ojú yín ń ta pọ́nrán-pọ́nrán." Ibẹ̀ náà ló ti yí orí mi díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún, ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn kí n dojú kọ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé mi jókòó. Níbi kọ̀ọ̀kan, a máa ń dúró títí òòyì náà á fi lọ. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń sùn sí òsì, mo sì ń sùn sí ọ̀tún.

Jagunlabí
Kí ni yíyí orí ní í ṣe pẹ̀lú òòyì? Ìwòsàn tàbí idán?

Bọ́sẹ̀ Aláṣọ
Ohun tó ṣàlàyé fún mi ni pé erùpẹ̀ kékeré kan wà nínú etí wa lọ́hùn-ún, ó ní ibi tó yẹ kó jókòó sí. Tèmi já, ó lọ há sínú ihò tó ń sọ fún ọpọlọ pé orí ń yí. Torí náà, bí mo bá ti gbé orí, erùpẹ̀ á yí, ọpọlọ á rò pé gbogbo ara ló ń yí. Yíyí tó yí mi, ó fi ń da erùpẹ̀ padà síbi tó ti wá ni.

Ọmọ Tákìé
Ẹ̀rù ti bà mí. Ṣé ti Bàbá náà nìyẹn? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà dókítà elétí yẹn lápótí o.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́
Ẹ má tí ì sáré, ọmọ mi. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́ ni mo wà. Ìbéèrè díẹ̀ ni mo ní. Bí Bàbá bá wà lórí ìbùsùn tí wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì láì dìde, ṣé ó ń ṣe wọ́n? Bí wọ́n bá jókòó sórí àga tí wọ́n wá dìde dúró ńkọ́? Oògùn wo ni wọ́n ń lò, èwo ló sì jẹ́ tuntun?

Jagunlabí
Ìbéèrè pọ̀ jù. Bí ojú bá ṣú, bípíì ni. Bí ilé bá yí, etí ni. Ó parí.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́
Ẹ gba ìdajì, àbúrò. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń sọ pé ilé ń yí, tó jẹ́ pé bípíì ló ń já wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á máa yí padà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ohun tó ń fà á àti bó ṣe ń pẹ́ tó ni mo máa ń tẹ̀ lé. Ibi tó sì ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé èèyàn méjèèjì ló máa sọ pé "tí mo bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì". Ẹni tí erùpẹ̀ etí ń dà láàmú, gbígbé orí kúrò lórí tìmùtìmù ló fà tiẹ̀. Ẹni tí bípíì rẹ̀ ń já, dídúró ló fà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè àga. Ẹni tó jókòó, orí rẹ̀ ti wà lókè tẹ́lẹ̀. Bí ó bá dìde lórí àga tí ojú rẹ̀ sì ṣú, ẹ pa ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ etí tì ná.

Ọmọ Tákìé
Mo ti bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní àwọn lè yí bí ẹran àyangbẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ bí wọ́n bá dìde lórí àga ní mọ́sálásí, ojú á ṣú bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, ẹsẹ̀ á fẹ́ẹ́ yẹ̀. Bí wọ́n bá tún jókòó, ó tán. Oògùn: méjì ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, ọ̀kan nínú ẹ̀ máa ń mú wọn tọ̀. Ìkẹta ni ti ìtọ̀ tí kì í dá geere, wọ́n fún wọn ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn.

Aláàmàlà
Oṣù kan sẹ́yìn, òòyì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Hmm.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́
Ẹ ṣé, Aláàmàlà. Ẹ wá ẹ̀rọ bípíì. Bàbá á dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 gbáko, ẹ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n dìde, ẹ dúró tì wọ́n gbágbáágbá, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 1, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 3. Bí ojú bá ṣú wọn, kí wọ́n jókòó kíá, ẹ má fipá mú wọn dúró nítorí nọ́ńbà. Àwọn kẹ́míìsì wọ̀n ọ́n ní ìjókòó nìkan. Ìjókòó lè máà fi nǹkan kan hàn.

Bàbá Téélọ̀
Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ sílẹ̀ o. Èmi ò ní àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ló ń dùn mí, mo sì ń gbé oògùn oríkèé mì lójoojúmọ́ bí ẹ̀pà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí òòyì tí mo bá dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní ebi ni. Ìyàwó mi ló rí ìgbẹ́ mi tó dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tó ń rùn yàtọ̀. Inú ikùn ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀! Oògùn oríkèé ti dá egbò síbẹ̀. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí mi lára.

Ìyá Rúkà
Ẹ ẹ̀ rí i? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni!

Bàbá Téélọ̀
Ìyá Rúkà, tòmátò ò lè dí egbò o 😂

Bọ́sẹ̀ Aláṣọ
Ẹ̀rù oògùn oríkèé yẹn ti bà mí báyìí. Ìyá ọkọ mi ń lò ó. Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n.

Jagunlabí
Ẹ kàn fún Bàbá ní omi iyọ̀. Iyọ̀ á gbé bípíì náà sókè.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́
Fún ẹni tó ti ń lo oògùn méjì tẹ́lẹ̀ torí pé tirẹ̀ ti ga jù? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Omi lásán, bẹ́ẹ̀ ni, bí wọn kì í bá mu tó.

Ọmọ Tákìé
A ti ṣe é láàárọ̀ yìí. Ní ìdùbúlẹ̀: 146 lórí 86. Ìṣẹ́jú 1 ní ìdúró: 116 lórí 74. Ìṣẹ́jú 3: 112 lórí 72, wọ́n sì ní kí n jẹ́ káwọn jókòó.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́
Ti òkè ti já wálẹ̀ ní 34. Bí ó bá ti tó 20 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, a ti kà á kún nǹkan. Bí èèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ á sàn wálẹ̀ sí ẹsẹ̀, iṣan gbọ́dọ̀ fún pọ̀ kí ó lè tó orí. Oògùn ìtọ̀ tuntun yẹn ń dẹ iṣan, kì í ṣe ti àpòòtọ̀ nìkan, òmíràn ti wà nílẹ̀ tó ń dín omi ara kù. Mo fura sí wọn, àmọ́ ẹ má dá ìkankan dúró fúnra yín. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn sínú ìwé, ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, ẹ lọ bá dókítà lọ́la. Ẹ sọ fún un pé wọ́n fi orí gbá nǹkan. Bí orí bá ń fọ́ wọn sí i, bí wọ́n bá ń bì tàbí oorun wọn bá pọ̀ jù, òní ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀la.

Adúnní
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ò wọ ibì kankan nínú èyí tẹ́ ẹ sọ. Ó máa ń yí fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, etí òsì á máa hó bí ìkòkò, n kò sì ń gbọ́ràn dáadáa níbẹ̀ mọ́.

Bọ́sẹ̀ Aláṣọ
Èyí yàtọ̀ sí tèmi. Tèmi ò kan ìgbọ́ràn rárá.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́
Adúnní, ti wákàtí pẹ̀lú etí tó ń di, ẹ lọ sọ́dọ̀ elétí kí wọ́n yẹ ìgbọ́ràn yín wò. N ò lè pe orúkọ rẹ̀ láti ibí. Àmọ́ bí ó bá yí lójijì tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí ẹ ń rí nǹkan méjì-méjì, tàbí tí ẹ ò lè dá rìn, ẹ má dúró de ọjọ́ àpọ́ìńtìmẹ́ǹtì. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀.

Jagunlabí
Wọ́n ti ń fi ẹ̀rù pa wá báyìí.

Aláàmàlà
Ìwọ tó fẹ́ fún Bàbá ní iyọ̀?

Ọmọ Tákìé
A ti dé. Dókítà yẹ orí wọn wò, ó ní kò sí ewu. Ó yọ èyí tó ń mú wọn tọ̀ ná, ó ní kí wọ́n máa lo ti ìtọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ sùn, kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n sì máa jókòó tọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, a tún wọ̀n ọ́n: ìdùbúlẹ̀ 150 lórí 88, ìṣẹ́jú 3 ní ìdúró 138 lórí 82. Ojú ò ṣú. Ti ìdùbúlẹ̀ ló ga díẹ̀, wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ méjì.

Ìyá Rúkà
Ẹ sì ra póò sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì fún wọn.

Ọmọ Tákìé
A ti rà á. Wọ́n ní ṣé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni àwọn ni. Màmá ló ń fi í gbin ẹ̀fọ́ báyìí.