Mo gbàgbé WHERE: ṣé kí n pa AUTOCOMMIT ni?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Lánàá, níbi iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ tún ipò ìsanwó oníbàárà kan ṣe nínú PostgreSQL, àmọ́ mo ti fi àmì parí àṣẹ náà kí n tó kọ WHERE:

```
UPDATE orders SET status = 'paid';
```

Nígbà tí `UPDATE 4812` jáde, àyà mi já. ROLLBACK kò wúlò, nítorí pé n kò kọ BEGIN ṣáájú. Ọ̀gá mi tú ẹ̀dà òru tó ṣáájú àṣìṣe náà sínú dátábéèsì mìíràn, a sì fi id dá ipò àtijọ́ padà. Àwọn ìlà 37 tó ti yí padà láàárọ̀ ọjọ́ náà la fọwọ́ tún ṣe láti inú rìsíìtì.

Ṣé kí n pa AUTOCOMMIT nínú psql, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo bá gbàgbé láìfi COMMIT parí lè ti ìlà mọ́ àwọn ẹlòmíràn, àbí kí n máa kọ BEGIN fúnra mi?