Ẹ sọ ìrírí yín: ímeèlì tí ẹ kọ sí olùkọ́ yunifásítì láti tọrọ ọjọ́ sí i

Àṣàkẹ́: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọdún kẹta ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ló yẹ kí iṣẹ́ wa lórí oríkì orílẹ̀ dé ọwọ́ olùkọ́. Ní Ọjọ́ Ajé, ibà dá mi wólẹ̀, wọ́n sì dá mi dúró sílé ìwòsàn di Ọjọ́rú. Bí mo ṣe délé ni mo kọ ímeèlì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà" ni mo kọ sí àyè àkọlé. Kò sí èsì. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n sì yọ máàkì mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí wọ́n dá lóhùn, kí lẹ kọ?

Ìyá Ìbejì: Máàkì mẹ́wàá! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.

Ọmọ Ẹdẹ: Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ọwọ́ aṣojú kíláàsì. Wọ́tsáàpù yá ju ímeèlì lọ.

Olùkọ́ Àgbà: Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí nígbà àyẹ̀wò èsì ìdánwò pé kí ló dé tí mi ò yọ máàkì ẹnì kan, ímeèlì ni mo máa fi hàn. Mo ń kọ́ni ní yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní igba ló wà nínú kọ́ọ̀sì mi kan. Ìbẹ̀rẹ̀ àkọlé nìkan ni fóònù mi ń gbé jáde. Àwọn "Ẹ jọ̀ọ́ sà" á tò síbẹ̀, mi ò ní mọ èyí tó kánjú. Nọ́ńbà kọ́ọ̀sì ni kó ṣíwájú, kí ohun tí ẹ ń tọrọ tẹ̀lé e, kí orúkọ wá gbẹ̀yìn. Ẹ tún dárúkọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́. Ẹni tó bá ní kí n "fi díẹ̀ kún un", mo tún ní láti kọ̀wé bi í pé mélòó. Ẹni tó sọ ọjọ́ àti aago, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èsì mi.

Àlàbí Ọ̀yọ́: Ṣé ọmọ Yorùbá á kàn já wọlé láìkí àgbà? Èmi máa ń kí wọn, màá kí ìyàwó wọn, màá kí àwọn ọmọ, kí n tó sọ tẹnu mi.

Olùkọ́ Àgbà: Ìkíni kan ti tó. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bá ẹ̀bẹ̀ ní ìlà kẹsàn-án, ọjọ́ ti kọjá kí n tó kà á débẹ̀.

Àlàbí Ọ̀yọ́: Ẹ̀yin nìyẹn. Olùkọ́ tèmi á bínú tí mi ò bá kí ilé.

Délé Lọ́ńdọ̀nù: Ní yunifásítì tí mo wà níbí, olùkọ́ ò láṣẹ láti fún mi ní ọjọ́ kankan. Mo kọ ímeèlì tó dára, ó ní kí n lọ kọ fọ́ọ̀mù lórí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́, kí n so ẹ̀rí mọ́ ọn. Ọjọ́ kan ni mo fi ṣòfò. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìtọ́sọ́nà kọ́ọ̀sì yín, ẹ wo ẹni tó ní àṣẹ.

Bíọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ̀wé sí kí wọ́n sún ọjọ́ owó ilé ẹ̀kọ́ síwájú?

Ìyá Ìbejì: Ọ̀fíìsì bọ́sà nìyẹn, Bíọ́lá, kì í ṣe olùkọ́.

Àṣàkẹ́: Mo tún tèmi kọ. Ẹ bá mi wò ó:

*Àkọlé: YOR 312: Ẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin sí i, iṣẹ́ oríkì orílẹ̀ (Àṣàkẹ́, nọ́ńbà mátíríìkì mi)*

*Dókítà, ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo wà nínú kíláàsì YOR 312. Iṣẹ́ tó yẹ kí n fi sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò lè parí lásìkò, nítorí mo wà nílé ìwòsàn láti Ọjọ́ Ajé di Ọjọ́rú. Ìwé ilé ìwòsàn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ti kọ ojú ìwé márùn-ún nínú mẹ́jọ. Mo bẹ̀ yín kí ẹ gbà mí láàyè di Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, n ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ ṣeun, sà.*

Olùkọ́ Àgbà: Mo máa ka èyí tán. Gbólóhùn tó ṣáájú "Ẹ ṣeun" yẹn ló máa mú mi gbà, torí ó hàn pé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ rẹ, kí ló dé tí o tọrọ mẹ́rin? Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni màá fún ọ.

Àṣàkẹ́: Ara mi ò tíì le ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì, sà.

Olùkọ́ Àgbà: Kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà. Mi ò lè mọ̀ ọ́n fúnra mi.

Ọmọ Ẹdẹ: Ìwé ilé ìwòsàn tí wọ́n ń fowó rà kiri yìí, ẹ ṣì ń gbà á gbọ́?

Olùkọ́ Àgbà: Mo ti pe ilé ìwòsàn rí láti bèèrè.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ tó ṣàìsàn lóòótọ́ ni wàhálà yẹn ń bá. Kò dára.

Àlàbí Ọ̀yọ́: Àṣàkẹ́, fi "ẹ bá mi kí ilé" kún un, tìrẹ ni mo sọ.