Ta ló ti kọ ọ̀rọ̀ fídíò ọjà onísẹ́kọ́ǹdì 30 rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Aláró Ìtòkú
Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Ábẹ́òkúta. Bí fídíò mi àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: «Ẹ káàsán o, ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà, ẹ kú iṣẹ́ ajé, èmi ni...» Kí n tó dárúkọ ara mi tán, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́sàn-án ti lọ, aṣọ ò tíì yọjú. Mo wo ìlà tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe dúró pẹ́ tó. Ní sẹ́kọ́ǹdì kẹta, ó já wálẹ̀ bí ẹni ṣubú sí kàǹga.

Mo padà lọ jókòó ti ìkòkò aró. Ẹni tó bá ti rẹ aṣọ rí mọ̀ pé àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ó ti mọ́ mi lójú débi pé n ò rí i mọ́. Ọmọ ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló pariwo: «Màmá, aṣọ yín ń yíra padà!» Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀:

Sẹ́kọ́ǹdì 0 sí 3: Ọwọ́ ń fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, omi nìkan ló ń kán. Ó hàn lójú fídíò pé: «Ẹ má ṣẹ́jú.»
3 sí 9: Aṣọ ń di búlúù. Ohùn: «Aró rèé. Atẹ́gùn ló ń kùn ún.»
9 sí 19: Wọ́n ń tú ìko, funfun ń yọ níkọ̀ọ̀kan. Ohùn: «Ibi tí a bá fi ìko so, aró ò ní wọ ibẹ̀. Ọwọ́ la fi so gbogbo ẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko.»
19 sí 26: Obìnrin ró o, ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ohùn: «Ọ̀pá márùn-ún, ó tó ìró àti bùbá.»
26 sí 30: Aṣọ tí a ká. Ohùn: «Ẹ kọ ARÓ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ ṣeun.»

Ọ̀rọ̀ ẹnu inú ẹ̀ ò pé 50. Tàkọ́kọ́ lé ní 130. Mo fi fóònù ka àkókò tàkọ́kọ́ yẹn, sẹ́kọ́ǹdì 54 ló gbà mí.

Bàbá Àgbà Ìjẹ̀bú
Ó dáa o, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ni í wọlé tí kì í kí ará ilé?

Aláró Ìtòkú
Ẹ má bínú, Bàbá. Mo gbé ìkíni lọ sẹ́yìn ni, «Ẹ ṣeun» ló parí ẹ̀.

Káfíńtà
Fóònù wo ni kí n rà? Àga ni mò ń kàn.

Onígààrí
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tá a máa sọ là ń sọ níbí, kì í ṣe fóònù. Àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látibi tẹ́ ẹ ti jó lórí àga náà, tí kò mì.

Ẹ gbọ́ tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ fídíò gààrí pẹ̀lú igbe «Ẹ gbà mí o!» Àwọn èèyàn ya wò ó, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ẹni méjì ló rà. Àwọn tó kù bú mi pé mo já wọn láyà torí gààrí. Mo wá tún un ṣe: omi tútù ń ya sínú abọ́, gààrí ń léfòó lórí omi, mo bu ṣíbí kan, ẹ sì gbọ́ ọ bó ṣe ń dún lẹ́nu mi. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló fẹ́ bà á jẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo padà yà á.

Akọ́ṣẹ́ Wásáàpù
Sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù ò gbà ju sẹ́kọ́ǹdì 30 lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń ṣe 30.

Agéfídíò
Tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó ti ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Màmá Aláró, ibo lẹ kọ «Ẹ má ṣẹ́jú» sí? Tó bá wà nísàlẹ̀, àkọlé fídíò á bò ó. Tó bá wà lápá ọ̀tún, àwọn bọ́tìnnì á bò ó. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ ju àárín lọ. Ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu yín sójú fídíò náà, torí ọ̀pọ̀ ló ń wò ó nínú bọ́ọ̀sì láìṣí ohùn. Ìbéèrè kan: ṣé sẹ́kọ́ǹdì mẹ́fà ni aró fi ń di búlúù lóòótọ́?

Aláró Ìtòkú
Rárá, ó lé ní ìṣẹ́jú méjì. Mo mú un yára ni.

Onígààrí
Ẹ kọ «a mú un yára» síbẹ̀ o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni.

Agéfídíò
Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ta ni ò mọ̀?

Aláró Ìtòkú
Èyí tó ń dà mí láàmú ju ìyẹn lọ nìyí: ìbéèrè tí gbogbo wọn ń bi mí lábẹ́ fídíò ni pé «Ṣé kò ní ṣí?» Ìfọ̀ àkọ́kọ́ máa ń yọ omi búlúù díẹ̀, n ò lè purọ́. Mo ń rò ó pé kí n yọ obìnrin tó ró aṣọ kúrò, kí n fi ìfọ̀ sí ibẹ̀: omi àkọ́kọ́ búlúù díẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, níbo ni wọn ó ti rí bí aṣọ náà ṣe ń rí lára?

Bàbá Àgbà Ìjẹ̀bú
Fi ìfọ̀ sí i. Ìyàwó mi ti béèrè ẹ̀ báyìí.