Gèlè màmá mi: ó ti yanjú

"Mo pààrọ̀ gèlè màmá mi nínú fọ́tò, mo mú òmíràn láti inú fọ́tò míì, ó wá dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí. Kí ló dé?"

Ẹ ṣeun gan-an. Bọ̀dá onífọ́tò l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́, ló rí i: apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ sójú màmá, ti gèlè wá láti ọ̀tún. Mo fi Flip Horizontal yí gèlè náà padà. Ẹni tó ní kí n kàn jẹ́ kó ṣókùnkùn díẹ̀ ò parọ́, ó tàn jù, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ òdì ni ìṣẹ́po rẹ̀ ì bá ṣì máa dán.

Mo wá fi Warp tẹ ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ títí ó fi tẹ̀lé iwájú orí màmá. Òjìji ló kù. Mo ṣí léyà kan sábẹ́ gèlè, mo yàn án sí Multiply kó lè mú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, mo mú àwọ̀ láti abẹ́ àgbọ̀n màmá, ibi tó ṣókùnkùn, torí dúdú lásán máa ń dà bí èédú lára. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún, Opacity 35%. Ìgbà yẹn ni gèlè jókòó.

Àǹtí tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wé gèlè, ẹ ṣeun, fọ́tò ni mò ń tún ṣe mà. Etí ọ̀tún gèlè náà ṣì ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀.